Wọn ì báà lé yín lẹ́nu iṣẹ́, owó líìfù tí ẹ kò lò kò jóná

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé bí wọ́n bá ti lé òṣìṣẹ́, tàbí tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, líìfù tí kò tíì lò ti bá iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. Òṣìṣẹ́ ń sọ ọ́, ọ̀gá ń sọ ọ́, kódà àwọn tó ń ṣírò owó oṣù ń sọ ọ́ bí ẹni pé òfin ló wí bẹ́ẹ̀. Òfin kò wí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé àwọn tó nílò owó yìí jù lọ ni wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ láìbéèrè.

Abala 18 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ló sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó ní òṣìṣẹ́ tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́ dúró gbọ́dọ̀ gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, kí owó rẹ̀ sì pé. Bí onítọ̀hún bá kúrò kí ọdún mìíràn tó pé, àmọ́ tó ti lo tó oṣù 6 látìgbà tí líìfù tó kẹ́yìn ti tọ́ sí i, wọ́n ní láti san owó líìfù fún un lórí àwọn oṣù wọ̀nyẹn: wọ́n á mú owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á sì san ìdá rẹ̀ tó bá iye oṣù náà nínú 12 mu. Kò síbi tí abala yìí ti ya ẹni tí wọ́n lé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó kọ̀wé sílẹ̀. Bó ṣe kúrò kọ́ ni ó ń wò, bí iṣẹ́ tó ti ṣe ṣe pọ̀ tó ni.

Mo rò pé owó nótíìsì ló da ọ̀rọ̀ rú. Ẹni tí wọ́n bá lé nítorí ìwà tó burú gan-an lè pàdánù nótíìsì, torí òfin gba ọ̀gá láyè láti lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nótíìsì jẹ mọ́ ọjọ́ tó ń bọ̀, líìfù sì jẹ mọ́ iṣẹ́ téèyàn ti ṣe parí. Àwọn mìíràn tún máa ń ní, "Ṣebí o ti gba àjẹmọ́nú líìfù?" Àjẹmọ́nú yẹn, owó tí ilé iṣẹ́ ń fi kún owó oṣù lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ni, kò rọ́pò ọjọ́ ìsinmi fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkùnrin kan tó ń po ìyẹ̀fun nílé búrẹ́dì n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2024, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦78,000. Kò lọ líìfù rí, ọ̀gá ní kó ṣì ní sùúrù, òun náà sì gbà. Ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ìjà ṣẹlẹ̀, wọ́n lé e. Owó ọdún kan jẹ́ ₦936,000; ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ ₦18,000. Ọdún àkọ́kọ́ ti pé, nítorí náà ₦18,000 tọ́ sí i. Lẹ́yìn ìyẹn ó tún lo oṣù 9: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀sẹ̀ kan, ìyẹn ₦13,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦31,500, yàtọ̀ sí owó ọjọ́ tó ṣiṣẹ́ dé. Owó ófátáìmù àti àjẹmọ́nú kì í wọ inú ìṣirò yìí.

Ká ní oṣù 5 péré ló lò lẹ́yìn ọdún àkọ́kọ́ ni, apá kejì yẹn kò ní sí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo déètì tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí i lè mú kí oṣù 6 pé.

Ìgbàgbọ́ kan tún wà, pé èèyàn lè máa to líìfù jọ lọ́dọọdún títí di ọjọ́ tó máa lọ. Òfin gbà kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ sún un síwájú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kọjá oṣù 24. Kò sì gba ọ̀gá láyè láti fi owó ra líìfù lọ́wọ́ ẹni tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí nìkan ni owó lè dípò ìsinmi.

Òfin yìí kò kan àwọn alákòóso àti àwọn amọṣẹ́dunjú. Tiwọn wà nínú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti ìwé òfin ilé iṣẹ́ wọn. Bákan náà, bí ilé iṣẹ́ bá ń fún yín ní ju ọjọ́ 6 lọ, inú ìwé yẹn ni ẹ ó ti rí bí wọ́n ṣe máa san èyí tó lé.

Ẹ tọ́jú lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́, ìwé owó oṣù àti ìdáhùn ọ̀gá nígbà tí ẹ béèrè líìfù. Ẹ kọ lẹ́tà béèrè owó náà, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bí wọn kò bá dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà yẹn lọ sí ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Bó bá di ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ló ń gbọ́ ọ.