Èrè Tó Ga Lórí Owó Ara Ẹni Kò Fi Hàn Pé Òwò Náà Dára Jù

Ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí mo ti ń bá wọn yẹ ìwé ìṣirò wò, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí a bá fẹ́ yá oníṣòwò lówó: pé ẹni tí owó ara rẹ̀ bí èrè jù láàárín ọdún ni ó mọ òwò jù. Àwọn tí ń ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá náà gbà bẹ́ẹ̀. Èrò náà kò tọ̀nà, nítorí pé gbèsè nìkan tó láti gbé èrè orí owó ara ẹni ga, kódà bí òwò náà fúnra rẹ̀ kò bá dára tó ti ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìsọ̀ méjì ní agbègbè Tákíé ṣe àpẹẹrẹ, kí a má tíì ka owó orí mọ́ ọn. Ìyá Alápáànù kò jẹ gbèsè kankan. Mílíọ̀nù 5 náírà tirẹ̀ ni gbogbo dúkìá ìsọ̀ rẹ̀, ó ta ọjà mílíọ̀nù 20 lọ́dún, ó sì jèrè mílíọ̀nù 1. Bàbá Onítáìlì náà ta ọjà mílíọ̀nù 20, ṣùgbọ́n dúkìá mílíọ̀nù 8 ni ó fi tà á: mílíọ̀nù 2 jẹ́ tirẹ̀, ó sì yá mílíọ̀nù 6 ní èlé 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí ó san èlé ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600, ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 náà ni ó ṣẹ́ kù fún un. Èrè ìyá lórí owó ara rẹ̀ jẹ́ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ti bàbá jẹ́ 30. Gbogbo ìpàdé ni yóò yìn bàbá.

Ìṣirò tí ó tú àṣírí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1920. Donaldson Brown, tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, so èrè orí títà pọ̀ mọ́ iye ìgbà tí títà ń yí dúkìá po. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wá fi ìwọ̀n gbèsè kún un. Bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí nìyí:

```
èrè ÷ owó ara = (èrè ÷ títà) × (títà ÷ dúkìá) × (dúkìá ÷ owó ara)

Ìyá:   5% × 4   × 1 = 20%
Bàbá:  3% × 2.5 × 4 = 30%
```

Nínú ọwọ̀n kejì ni mo máa ń pẹ́ jù. Ọjà ìyá yí dúkìá rẹ̀ po ní ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún, ti bàbá kò ju méjì àtààbọ̀ lọ, ẹni tí ó bá sì wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ bàbá yóò rí ìdí rẹ̀: páálí táìlì aláràbarà tí kò sí ẹni tí ó béèrè wọn mọ́, tí eruku ti bò débi pé a kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sí wọn lára. Owó tí ó yá ni ó jókòó síbẹ̀. Ìlọ́po mẹ́rin tí ó wà ní ìparí, tí í ṣe ti gbèsè, nìkan ni ó mú kí bàbá yọrí.

Ó tọ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ fún bàbá, nítorí mo ti rí i tí àwọn ènìyàn ń ṣi ọwọ̀n kìíní kà. Kí ó tó san èlé, èrè rẹ̀ lórí títà jẹ́ 6 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ju ti ìyá lọ. Èlé ni ó jẹ ìdajì rẹ̀. Nítorí náà, kí a máa ṣírò èrè ṣáájú èlé lórí gbogbo dúkìá pẹ̀lú: ti ìyá jẹ́ 20, ti bàbá jẹ́ 15. Níwọ̀n ìgbà tí 15 ṣì ju èlé 10 lọ, gbèsè yóò máa gbè é. Bí ó bá wálẹ̀ ju 10 lọ, gbèsè kan náà ni yóò máa fà á sẹ́yìn.

Ẹ wo ọdún tí àwọn ènìyàn kò bá kọ́lé tó bẹ́ẹ̀, tí èrè ṣáájú èlé sì fi ìdajì dín kù ní ìsọ̀ méjèèjì. Ìyá yóò ṣì jèrè 10 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó rẹ̀. Bàbá yóò pa ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600, yóò kó gbogbo rẹ̀ san èlé, kò sì ní mú náírà kan lọ sílé.

Èyí tí ó burú jù ni pé àdánù pàápàá lè gbé èrè orí owó ara ga. Ká ní táìlì mílíọ̀nù 1 fọ́ mọ́ bàbá lọ́wọ́, owó ara rẹ̀ di mílíọ̀nù 1, gbèsè sì dúró síbẹ̀. Bí ó bá tún jèrè ẹgbẹ̀rún lọ́nà 600 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé yóò sọ pé 60 nínú ọgọ́rùn-ún ni, ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀, nígbà tí dúkìá rẹ̀ ti di ìlọ́po méje owó ara rẹ̀. Nígbàkígbà tí mo bá rí i pé èrè orí owó ara fò sókè lójijì, owó ara ni mo kọ́kọ́ ń wò bóyá ó ti dín kù, kí n tó wo èrè.