Àpótí Dúdú Kì Í Pa Nọ́ḿbà Àkáǹtì Rẹ́ Nínú PDF

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí a bá ti fa àpótí dúdú bo nọ́ḿbà àkáǹtì tàbí àdírẹ́sì nínú PDF, a ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn, a sì lè fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ẹni tí yóò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpótí náà jẹ́ àwòrán tí a gbé lé orí ọ̀rọ̀; ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ láìdín kan, ẹnikẹ́ni tó bá sì yan ibẹ̀, tó dà á kọ sínú fáìlì òfo, yóò kà á.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, àwọn agbẹjọ́rò Paul Manafort, tó ti ṣe alága ìpolongo ìbò Donald Trump rí, fi irú ìlà dúdú bẹ́ẹ̀ bo àwọn apá kan nínú ìwé tí wọ́n fi sílé ẹjọ́ ní Washington. Àwọn oníròyìn da ibi dúdú náà kọ síbòmíràn, ohun tí wọ́n fẹ́ bò sì hàn kedere, títí kan ẹ̀sùn pé Manafort purọ́ nípa èsì ìwádìí èrò olùdìbò tí ó fún alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Konstantin Kilimnik.

Ẹ jẹ́ ká wá mú sítétímẹ́ǹtì báǹkì oṣù mẹ́fà tí ẹnì kan fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò kó tó béèrè fún físà. Nọ́ḿbà àkáǹtì oní-díjíìtì 10 náà lè wà lókè gbogbo ojú ewé, ó lè tún wà nínú orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wò rárá. Orúkọ àwọn tó fowó ránṣẹ́ sí i náà wà nínú àlàyé owó kọ̀ọ̀kan, àwọn yẹn kò sì fún wa láṣẹ láti pín in kiri.

Nínú Adobe Acrobat Pro, irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Redact ni a ń lò láti yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá. Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ níbẹ̀ ni pé sísàmì sí ọ̀rọ̀ kò tíì yọ ọ́. Àfi bí a bá tẹ Apply ni ó tó lọ, lẹ́yìn náà ni kí a fi orúkọ tuntun tọ́jú ẹ̀dà náà. Ẹni tí kò ní Acrobat lè fi àpótí dúdú bo ibẹ̀, kó ya àwòrán ojú ewé náà lórí skirínì, kó sì fi àwòrán yẹn nìkan ránṣẹ́, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ àwòrán. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń bò ó, kó má lo gègé tó ń fa àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ bí ti háílaítà, nítorí pé bí a bá mú ìmọ́lẹ̀ àwòrán náà pọ̀ sí i, nọ́ḿbà náà lè yọjú.

Kí PDF tó kúrò lọ́wọ́ wa, ẹ ṣí ẹ̀dà tuntun náà, ẹ tẹ Ctrl+F, kí ẹ sì wá díjíìtì mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ḿbà àkáǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+A àti Ctrl+C, kí ẹ da gbogbo rẹ̀ sínú Notepad, kí ẹ sì kà á. Bó bá jẹ́ ìwé tí a fi ẹ̀rọ yà ni, ìwákiri yìí lè má rí nǹkan kan bí nọ́ḿbà náà tilẹ̀ hàn lójú, nítorí náà ojú ara wa ni a ó fi wo irú ìwé bẹ́ẹ̀, ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn.