Ẹ yé pe ìpayà ìrọ̀lẹ́ Àìkú ní ọ̀lẹ

Ẹnì kan kọ ọ́ láàárọ̀ yìí pé ẹni tó bá ń bẹ̀rù ọjọ́ Ajé, ọ̀lẹ ló ń dà á láàmú. Ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Inú bí mi gan-an. Ẹ ò tíì bá irú ọ̀gá tí mo ní ṣiṣẹ́ rí nìyẹn.

Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò bà mí lẹ́rù, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ń já mi láyà. Ọ̀gá mi lè wọlé kó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa. Ó sì lè mú ìwé tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kó máa kà á sókè létí èèyàn 12, kó máa béèrè bóyá ọmọ iléèwé ló bá mi kọ ọ́. Mi ò lè mọ èyí tí yóò jẹ́. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú, inú mi á ti máa ru, mi ò ní gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ mi ń sọ mọ́, màá wá máa ṣí fóònù wò ṣáá bóyá ó ti fi nǹkan ránṣẹ́.

Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń dáni lágara. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní kí àwọn kan ṣe eré lórí kọ̀ǹpútà: kí wọ́n máa sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta tí wọ́n ń rí. Tí ejò bá wà níbẹ̀, iná mànàmáná á ta wọ́n lọ́wọ́, ó sì máa ń dunni. Ẹni tó mọ̀ dájú pé iná máa ta òun, ara rẹ̀ balẹ̀ ju ti ẹni tó jẹ́ pé ó lè ta á, ó sì lè má ta á. Ìgbà tí ó bá jẹ́ ìdajì sí ìdajì ni ìpayà wọn ga jù. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé wa ni mo rí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbìyànjú láti gbàgbé mọ́. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Àìkú, mo máa ń mú bírò àti ìwé fún ìṣẹ́jú 15. Mi ò kí ń kọ ọ́ pé ẹ̀rù ọ̀la ń bà mí, torí ìyẹn kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo rò pé yóò ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń kọ, ẹni tí yóò ṣe é, àti gbólóhùn kan ṣoṣo tí màá fi dáhùn. Lóṣù tó kọjá mo kọ ọ́ pé: “Yóò ní ìròyìn náà pẹ́. Màá ní, mo fi ránṣẹ́ lọ́jọ́bọ̀ ní aago mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín.” Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́. Ohùn mi gbọ̀n, ṣùgbọ́n mo sọ tèmi, mo jókòó. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni mo máa ń tọrọ àforíjì ohun tí mi ò ṣe.

Fóònù náà, aago mẹ́fà ni mo máa ń wò ó kẹ́yìn, màá wá gbé e sí yàrá mìíràn. Gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i, òkúta tuntun ni mo ń ṣí. Mo tún jáwọ́ nínú sísùn di aago mẹ́wàá àárọ̀ Àìkú. Ẹni tó jí ní aago mẹ́wàá àárọ̀, báwo ni oorun ṣe fẹ́ kùn ún ní aago mẹ́wàá alẹ́? Ojú tó là sílẹ̀ yẹn ni ìpayà máa ń rí jẹ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 11 ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo kọ ọ́ pé iṣẹ́ pọ̀ jù. Nínú 9 tó kù, orúkọ ẹnì kan náà ni, 6 nínú wọn ló sì ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ìpayà mi kò parọ́ fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọjọ́, ọ̀rọ̀ tó sọ àti àwọn tó wà níbẹ̀ kún un, torí ẹ̀gbọ́n mi ní bí mo bá fẹ́ fi ẹjọ́ sùn, “ó máa ń kàn mí lábùkù” kò ní tó.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú báyìí nìyí. Ìwé yẹn ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Oorun yẹn ló ń jẹ́ kí n lè padà síbẹ̀. Bí mi ò bá mọ ọgbọ́n kankan tí mo lè dá, ṣé mi ò ní ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná? Àbí owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni kò ní jẹ́ kí n lọ, kì í ṣe ìwé? Mi ò mọ̀.

Aago márùn-ún ti kọjá. Ìwé náà wà níwájú mi, mi ò tíì kọ nǹkan kan sí i.