Àwọ̀ Ọsàn Ni Kí A Kọ́kọ́ Fi Sí Abẹ́ Ojú, Àbí Konsílà?

Àbẹ̀kẹ́ Yábàá: Mo dúdú dáadáa, abẹ́ ojú mi sì tún ṣú ju ibi tó kù lọ. Mo ra konsílà, ìpara tí a fi ń bo ibi tó ṣú lójú, èyí tó mọ́ ju àwọ̀ mi lọ, ní Balógun, ṣùgbọ́n bí mo bá fi pa á tán, ńṣe ló ń dà bí eérú. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì Súrùlérè: Ẹ kò lò ó tó ni. Ẹ tún un pa lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì bu pọ́dà sí i dáadáa.

Aṣojúlóge Ẹbúté Mẹ́ta: Ẹ jọ̀wọ́ mà, bí ó bá ṣe ń nípọn sí i ni eérú náà yóò máa hàn sí i, nítorí pé funfun inú konsílà àti òkùnkùn tó ń yọ lábẹ́ rẹ̀ ló ń papọ̀ di eérú. Kọrẹ́kítọ̀ aláwọ̀ ọsàn ló ń pa búlúù inú dúdú yẹn, òun ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Dékẹ́mi: Òótọ́ ni. Aláwọ̀ píìṣì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lò, abẹ́ ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ẹ ra ìyẹn.

Aṣojúlóge Ẹbúté Mẹ́ta: Bí ẹ̀gbọ́n yín bá pupa, píìṣì bá a mu. Lára ẹni tó dúdú dáadáa, funfun ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, eérú kan náà ni yóò tún bí. Kí Àbẹ̀kẹ́ mú ọsàn tó pọ́n, tó fẹ́ẹ́ dé pupa. Èyí tó tó orí ìṣáná ti tó fún abẹ́ ojú kan. Ibi tó ṣú nìkan ni kí ó kàn, pàápàá igun ẹ̀gbẹ́ imú, kí ó fi ìka tó ṣáájú ọmọńdinrín máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ó má fà á. Bí ó bá dára, a kì í rí ọsàn mọ́, abẹ́ ojú a kàn sún mọ́ àwọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Bí ọsàn bá ṣì ń hàn, ó ti pọ̀ jù. Kí ó fi fóòmù tútù tí a ti fún omi rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ó gba díẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà ni konsílà tó bá awọ rẹ̀ mu gan-an yóò tẹ̀ lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títẹ̀ náà ni, nítorí pé bí a bá fi bọ́rọ́ọ̀ṣì fà á, ọsàn ìsàlẹ̀ yóò ká kúrò.

Awakọ̀ Òru: Tèmi kì í ṣe dúdú, ó wú ni, nítorí àìsùn. Ṣé ọsàn yìí yóò mú un wọlé?

Aṣojúlóge Ẹbúté Mẹ́ta: Rárá, ọ̀gá mi. Àwọ̀ kì í tẹ́ ohun tó wú. Ẹ dojú kọ fèrèsé ní ọ̀sán, kí ẹ gbé àgbọ̀n sókè: bí dúdú náà bá pòórá, òjìji wíwú tàbí ti kòtò ni, ọsàn kò lè ràn yín lọ́wọ́ púpọ̀. Kí Àbẹ̀kẹ́ náà kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Yábàá: Mo ti ṣe é, mà, ó ṣì ṣú síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè: Mo gbà lórí ọsàn, ṣùgbọ́n nínú oòrùn Èkó yìí, láìsí pọ́dà tó pọ̀, gbogbo rẹ̀ yóò ṣàn kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé níbi àríyá.

Aṣojúlóge Ẹbúté Mẹ́ta: Bí pọ́dà bá pọ̀, yóò sán sínú ìlà abẹ́ ojú, mà. Díẹ̀ ni èmi ń lò.

Ìyá Ìbejì Súrùlérè: Ẹni tí kì í làágùn ló lè sọ bẹ́ẹ̀.