Aṣọ Lè Dọ́gba, Àkísà Ò Lè Dọ́gba

Àkànní mi, àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Mo mọ̀ pé o ti gbọ́ òwe yìí títí ó fi sú ọ. Nígbà tí èmi náà wà ní kékeré, n kì í fẹ́ gbọ́ ọ, torí bí ìgbà tí wọ́n ń fi pa mí lẹ́nu mọ́ ló máa ń rí létí mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká wò ó dáadáa. Òwe náà kò sọ pé ọmọdé ò gbọ́dọ̀ láṣọ. Ó gbà pé aṣọ lè dọ́gba. Àkísà ni kò lè dọ́gba, nítorí àkísà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà ní Ọjà Ọba. Aṣọ tí a ti wọ̀, tí a ti fọ̀ láìmọye ìgbà, tó gbó, tó ya, ló ń di àkísà. Òun náà la sì máa ń wá kiri nígbà tí epo bá dà sílẹ̀.

Fíìmù tí o tọrọ pé kí n jẹ́ kí o wò, èyí tí gbogbo kíláàsì yín ti wò (ó kéré tán, bí wọ́n ṣe wí), aṣọ ni. Fóònù rẹ lè gbé e, dátà wà, Yorùbá inú rẹ̀ yé ọ, o sì gbọ́n tó láti tẹ̀lé ìtàn rẹ̀. Gbogbo ìyẹn ni mo gbà. Ṣùgbọ́n bí fíìmù náà bá da nǹkan sílẹ̀ sí ọ lọ́kàn, kí lo máa fi nù ún? Ibẹ̀ yẹn ni èmi àti bàbá rẹ wò tí a fi ní kó ṣì dúró ná.

Mi ò dá ọ lóhùn láìkọ́kọ́ wò ó. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ẹ ti sùn tán, àwa méjèèjì jókòó sí pálọ̀, a sì wò ó dé òpin. Kì í ṣe fíìmù burúkú. Àwọn òṣèré rẹ̀ mọṣẹ́, Yorùbá wọn já gaara, ẹni tó yà á náà kò ṣeré. Bó bá jẹ́ pé fíìmù játijàti ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn, torí fíìmù játijàti kì í bá èèyàn sùn.

Ní nǹkan bí àárín rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tó ń wá owó òjijì tan ọmọbìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́ wọ ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán. Mi ò ní sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un. Bí wọ́n ṣe yà á ni mo fẹ́ kí o mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù wa, kámẹ́rà á yíjú sí ògiri, a ó gbọ́ igbe kan, ó parí. Nínú eléyìí, ojú ọmọ náà ni kámẹ́rà dúró sí, kò sì kúrò níbẹ̀. Ohun tí à ń gbọ́ jù ni mímí rẹ̀. Bàbá rẹ tó máa ń sùn ti bọ́ọ̀lù, kò sùn lọ́jọ́ yẹn.

Lẹ́yìn náà mo ṣe nǹkan kan tí mo fẹ́ kí ìwọ náà máa ṣe. Mo pa ohùn rẹ̀, mo sì tún ibẹ̀ wò. Àwòrán náà rọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí eré tí àwọn ọmọ ń ṣe lẹ́yìnkùlé. Ìró ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìran bẹ́ẹ̀: ìlù tó ń lọ lábẹ́lẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tó gùn ju bó ti yẹ lọ, mímí tó sún mọ́ etí. Ìwọ sì rèé, íápíìsì lo máa kì bọ etí méjèèjì lábẹ́ ìbora kí n má baà gbọ́. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa fa ibi tó le jù nínú rẹ̀ sún mọ́ ara rẹ.

Nọ́ńbà 18 tó wà lára fíìmù náà kì í ṣe èébú sí ọ. Láti ọdún 1993 ni òfin ti dá àjọ kan sílẹ̀ ní Nàìjíríà tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò kó tó bọ́ sí gbangba. Wọ́n ń fi àmì sí i: G wà fún tọmọdé tàgbà, PG ń fẹ́ kí òbí wà nítòsí, lẹ́yìn náà ni 12, 12A, 15 àti 18. Nọ́ńbà yìí kì í sọ bí fíìmù ṣe dára tó, kì í sì í wọn bó ṣe le láti yé èèyàn. Ibi tó le jù nínú rẹ̀ ló ń tọ́ka sí. Fíìmù wákàtí méjì lè kún fún ẹ̀rín àti ìfẹ́, kí ìṣẹ́jú mélòó kan péré sọ ọ́ di 18. Àwọn ìkànnì tí à ń sanwó oṣù fún ń fi nọ́ńbà tiwọn sí i pẹ̀lú, wọ́n á sì kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípa ohun tó fà á. Èmi máa ń wo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ju nọ́ńbà lọ. Bó bá jẹ́ pé èébú ni wọ́n kọ síbẹ̀, mi ò ní bá ọ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ọmọ tó ń kọjá ní gáréèjì lójoojúmọ́, èébú wo ni kò tíì gbọ́?

Mi ò sì ní fi òwe ohun tí àgbà rí ní ìjókòó tì ọ́ pa. Òwe yẹn ò bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ti gun igi náà, ẹ sì ń rí ọ̀nà jíjìn ju àwa lọ. Pé o máa rí i kọ́ ló ń kọ mí lóminú. Bí ohun tí o rí ṣe máa jókòó sí ọ lára ni.

Ẹ̀rù máa ń yí padà bí ọjọ́ orí ṣe ń yí. Àbúrò rẹ tó jẹ́ ọmọ ọdún 4, ìrísí ló ń dẹ́rù bà á. Ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tó rí Bàbá Kérésì tó fi igbe bọnu. Ìwọ ti kọjá ibẹ̀. O mọ̀ pé àǹjọ̀nú inú fíìmù òyìnbó ò sí, o sì ń fi í rẹ́rìn-ín. Ohun tó lè ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́ ló ń ba ẹni ọdún 14 lẹ́rù. Ìdí nìyẹn tí fíìmù tí wọ́n fi Yorùbá ṣe, ní àdúgbò tó jọ Alẹ́kúwodò, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó jọ èyí tí o ń wọ̀, fi lè mú ọ ju àǹjọ̀nú lọ. Ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọn ò tíì kọ́ tán ni o máa ń gbà bí o bá ń ti ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Mi ò fẹ́ kí ilé yẹn di ilé inú fíìmù lójú rẹ.

Ẹ̀rù ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti sin òkú, mo ti jókòó ti obìnrin tí wọ́n ṣe ní jàǹbá, mo ti rí i tó tún padà ń rẹ́rìn-ín. Àkísà tèmi nìyẹn. Òun ni mo fi nu ojú mi kí n tó sùn. Ní Òṣogbo wa yìí, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti dá ibùdó eré Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1962, àárín èrò ni wọ́n ti ń wòran. Bí ẹ̀rù bá ba ọmọdé, ẹni tó jókòó tì í á rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù náà á sì fúyẹ́. Èyí tí a ń dá wò nínú fóònù ní ọ̀gànjọ́ òru ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun mìíràn wà nínú rẹ̀ tó ká mi lára ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Ní ọdún 2024, àjọ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kéde pé àwọn ń gbé òfin kalẹ̀ láti dènà fíìmù tó bá ń gbé oògùn owó lárugẹ. Fíìmù yìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn, mo fẹ́ jẹ́ olóòótọ́. Ẹ̀san ké lórí àwọn ọmọ náà nígbẹ̀yìn. Àmọ́ mo fojú sí aago. Ọkọ̀, aago ọwọ́ wúrà, òde àríyá àti ìyá tó ń súre fún ọmọ tó kọ́lé fún un gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹ̀san ò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn fídíò kéékèèké tí wọ́n gé nínú rẹ̀, tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síra yín lórí Wáásáàpù ńkọ́, ṣé o ti rí ẹyọ kan tó jẹ́ ti ìgbẹ̀yìn? Ẹni tó ṣe fíìmù náà dájọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gé e já ju ìdájọ́ nù.

Nítorí náà, ohun tí a fẹnu kò sí nìyí. Fíìmù yìí máa dúró títí o fi máa pé ọdún 18, lẹ́yìn náà bí o bá ṣì fẹ́, a ó jọ wò ó lọ́sàn-án, kí rìmóòtù wà lọ́wọ́ rẹ. Láàárín ìgbà yẹn, fíìmù tí nọ́ńbà rẹ̀ ò tó báyìí á máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni mò ń wò. Ní oṣù tó kọjá, o fọwọ́ ara rẹ pa fíìmù kan láàárín, o ní, "Mọ́mì, eléyìí ò bá mi lára mu." Mi ò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí i. Ẹni tó lè pa fíìmù fúnra rẹ̀ ń sún mọ́ ẹni tí a lè ṣí i fún.

Mo ti fi nọ́ńbà àṣírí sí ojú ìwé tèmi lórí tẹlifíṣọ̀n. Mò ń sọ fún ọ kí o má baà rò pé ẹ̀yìn rẹ ni mo gbà ṣe é. Bí ẹnì kan bá sì ti fi apá kan hàn ọ́ rí, tàbí tó bá fi hàn ọ́ lọ́la, wá sọ fún mi. Mi ò ní gba fóònù, mi ò ní bínú. Ó sàn kó o sọ ọ́ jáde ju kó o máa dá a rò ní ààjìn lọ, torí oorun wákàtí 8 sí 10 ni ọmọ ọjọ́ orí rẹ nílò, ìwọ ò sì tíì sùn tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí sáà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá bi ọ́ ní kíláàsì, sọ pé màmá rẹ ló le. Kò ní dùn mí.

Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ìwọ ni kó o yan fíìmù tí gbogbo wa máa wò lálẹ́ Sátidé, kó ṣáà jẹ́ PG tàbí 12. Gúgúrú àti ẹ̀pà di ọwọ́ mi. Jọ̀ọ́, má yan èyí tí bàbá rẹ ti wò rí, torí kò ní jẹ́ ká dé àárín kó tó sọ bó ṣe parí.