Kò di dandan kí ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kí ó tó gba NIN

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín wa, pàápàá láàárín àwọn àgbà, pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò lè gba nọ́mbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí NIN. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbàgbọ́ yìí ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn jókòó sílé, ó sì ti mú àwọn mìíràn lọ sanwó fún ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ wọn.

Fún àgbàlagbà tí ó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹyọ kan nínú àwọn ìwé tí àjọ NIMC fọwọ́ sí ti tó, bí ó bá ti mú ojúlówó rẹ̀ àti fọ́tókọ́pì rẹ̀ dání. Káàdì ìdìbò wà lára wọn, títí kan èyí tí wọ́n fi ń dúró de ojúlówó. Láísẹ́ńsì ìwakọ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni páṣípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀ àtijọ́, káàdì ilé ìwé àti káàdì òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tí kò ní ìkankan nínú wọn lè gba lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́dọ̀ ọba tàbí olórí ẹ̀sìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní BVN, kí ó mú nọ́mbà rẹ̀ dání. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wà nínú àkójọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan lára wọn ni.

Lójú tèmi, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé ni àṣìṣe yìí ti wá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ni wọ́n ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ pẹ̀lú NIN òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀, àwọn òbí tí ó sì kó ọmọ lọ ló padà wálé láti sọ fún ìyá àti bàbá wọn pé dandan ni.

Ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ládùúgbò wa gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ọdún 1959 ni ó wà lórí káàdì ìdìbò rẹ̀, òun náà ni ó wà lórí BVN rẹ̀ ní báńkì, síbẹ̀ ó sanwó fún ìwé ìbúra ọjọ́ orí, ẹni tí ó bá a kọ ọ́ sì fi ọdún 1956 sí i nítorí pé ó rò pé ìyẹn ni ó bá ìrísí rẹ̀ mu. Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí itan mi, ọkàn mi sì bàjẹ́. Bí ó bá fi ìwé ìbúra náà forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ ìbí orí NIN rẹ̀ kò ní bá ti BVN rẹ̀ mu, ìgbà tí báńkì bá sì fẹ́ so méjèèjì pọ̀ ni wàhálà yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2025, ₦28,574 ni wọ́n ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ṣe, ibi àtúnṣe yìí gan-an sì ni wọ́n ti máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka ènìyàn. A fi ìwé ìbúra sílé, a sì mú káàdì ìdìbò lọ.

Ẹni tí ó bá mọ ẹ̀rọ lò lè kọ́kọ́ kún fóòmù rẹ̀ lórí penrol.nimc.gov.ng, kí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde. Àwa gba fóòmù ní ibùdó ìforúkọsílẹ̀. Nọ́mbà fóònù ìyá fúnra rẹ̀ ni mo kọ sí i, kì í ṣe tèmi, nítorí orí nọ́mbà yẹn ni yóò ti máa wá NIN rẹ̀ bí ó bá gbàgbé rẹ̀.

Lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ náà ti tẹ ohun gbogbo sínú kọ̀ǹpútà, ó ya àwòrán ojú ìyá, ó sì gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ọ̀bẹ ẹ̀fọ́ ti jẹ àtàǹpàkò ọ̀tún rẹ̀ débi pé ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. A fi aṣọ nù ún dáadáa kí ó tó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ìyá fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ náà sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa pé kí a wò ó kí òun tó fi ránṣẹ́. Ẹ má ṣe kánjú níbí. Létà "h" kan ti wọ inú orúkọ bàbá rẹ̀, èyí tí kò sí lórí káàdì ìdìbò, a sì ní kí ó yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, láìsan kọ́bọ̀.

Ìwé pélébé tí wọ́n fún wa lọ́jọ́ náà kì í ṣe NIN. Nọ́mbà tí a fi ń tọpasẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ ni ó wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá tẹ *346# lórí fóònù rẹ̀, nọ́mbà mọ́kànlá sì jáde. Nígbà tí a lọ gba ìwé rẹ̀ ní ibùdó, ọjọ́ ìbí ni mo kọ́kọ́ wò: 1959 ni.