Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá, ẹ máa ṣọ́ háífìn náà

Èrò ọkàn mi rèé o. Mo fara mọ́ ọn kí ọmọ jẹ́ orúkọ ìdílé bàbá àti ti ìyá pọ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò dára. Bàbá ẹlòmíràn obìnrin nìkan ló bí, bí gbogbo wọn bá sì ti wọ ilé ọkọ, orúkọ rẹ̀ parí nìyẹn. Kí ló burú bí ọmọ-ọmọ bá ń jẹ́ ẹ? Àwa ará Èkìtì mọ obìnrin tó ń so orúkọ bàbá mọ́ ti ọkọ: ẹ rántí Bísí Adélẹ́yẹ-Fáyẹmí, ìyàwó gómìnà wa àná. Àtọmọdọ́mọ ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí.

Ohun tó ń dùn mí ni bí ìwé ṣe ń fa orúkọ náà ya lẹ́yìn tí a bá ti sọ ọmọ lórúkọ tán. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn ènìyàn kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà níbí ní Adó, mo sì ń rí i. Ẹ jẹ́ kí n mú ọmọbìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, mo ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Tìmílẹ́yìn lórúkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ wá láti ìdílé Àlàdé, bàbá rẹ̀ láti ìdílé Fádáhùnsi. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọ ọ́ dáadáa, pẹ̀lú háífìn, ìyẹn ìlà kékeré tó so méjèèjì pọ̀: Àlàdé-Fádáhùnsi. Nígbà tí wọ́n lọ ṣe NIN, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ fi Fádáhùnsi síbi orúkọ ìdílé, ó sì gbé Àlàdé lọ síbi orúkọ àárín. Nílé ìwé, wọ́n lẹ méjèèjì pọ̀ fún WAEC, ó di ALADEFADAHUNSI. Ọmọ kan, orúkọ mẹ́ta.

Kò sẹ́ni tó kíyè sí i títí ó fi fẹ́ ṣe JAMB. JAMB kì í ní kí ẹ tẹ orúkọ yín, inú NIN ló ti ń fà á jáde. Bó ṣe wà níbẹ̀ ló ṣe máa jáde, fáṣítì yóò sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èsì WAEC yẹ̀ ẹ́ wò. Ìgbà yẹn ni ìyá ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ ilé ẹjọ́ fún àfidáfíìtì.

Ẹ má kàn dá ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́bi o. Orúkọ ìdílé wa àti orúkọ àbísọ jọra. Àlàdé lè jẹ́ orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ilé yín kò lè fi ojú lásán dá a mọ̀. Háífìn yẹn nìkan ló ń sọ fún un pé orúkọ ìdílé kan ṣoṣo ni. Bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé orúkọ ìyá ló sábà máa ń bọ́ sọnù, torí òun ni wọ́n ń kọ ṣáájú. Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò níwájú ẹni tó ń tẹ NIN, ẹ ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sí yín. Àpótí orúkọ ìdílé ni kí ẹ wò: méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bó bá ti bàjẹ́ ṣáájú, NIN ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kó bá ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí mu, torí NIN yẹn ni àwọn yòókù ń wò.

Pásípọ́ọ̀tù tún ní tirẹ̀. Ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nísàlẹ̀ kò mọ háífìn rárá. Bó ṣe máa rí rèé:

```
P<NGAALADE<FADAHUNSI<<TIMILEYIN<<<<<<<<<<<<<
```

Àmì `<` kan ló dípò háífìn, méjì ló fi hàn pé orúkọ ìdílé ti parí. Ẹ má jáyà bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú náà lè yọ háífìn kúrò, kò léwu, bí méjèèjì bá ṣáà ti wà ní àpótí orúkọ ìdílé. Èyí tó léwu ni kí ẹ fi Fádáhùnsi nìkan ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n tún máa ń bi mí pé, bí Tìmílẹ́yìn bá lọ fẹ́ ẹni tí orúkọ tirẹ̀ náà jẹ́ méjì ńkọ́? Ṣé mẹ́rin lọmọ wọn máa jẹ́? Rárá. Ní Sípéènì tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì tipẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni òbí kọ̀ọ̀kan máa ń fún ọmọ. Káwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí tọkọtaya jókòó mú ọ̀kan ọ̀kan kí wọ́n tó bí àkọ́bí, èyí tí wọ́n bá sì mú ni kí gbogbo ọmọ ìyá máa jẹ́, kí Táyé má jẹ́ Àlàdé kí Kẹ́hìndé wá jẹ́ Fádáhùnsi.